Ẹ̀sùn Mi sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Bá Tíṣà Ṣàtúnkọ LinkedIn

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbowó lọ́wọ́ tíṣà láti bá a ṣàtúnkọ ojú ìwé rẹ̀ lórí LinkedIn, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Mo ti ka iṣẹ́ ọwọ́ yín púpọ̀, nítorí mo wà lára àwọn tí wọ́n máa ń pè jókòó nígbà tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ gba ẹni tí yóò máa túpalẹ̀ dátà. Mo sì mọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń kọ ọ́ fún. Inú owó oṣù tí kò tó jẹun ni tíṣà ti ń yọ owó yín, tó ń retí pé ohun tí ẹ bá kọ ni yóò ṣílẹ̀kùn fún òun. Ẹ̀sùn tí mo ní sí yín kì í ṣe kékeré. Orí ojú ìwé ẹnì kan ṣoṣo ni n óò gbé e kà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo kàn ń sọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́.

Olùkọ́ ìṣirò ni obìnrin náà, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan n'Íbàdàn. Ó ti ń kọ́ni fún ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ẹni tí ń kó máàkì gbogbo kíláàsì jọ, ó kọ́ Excel fúnra rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ SQL lálaalẹ́, nítorí ó fẹ́ kúrò nídìí iṣẹ́ tíṣà bọ́ sídìí ìtúpalẹ̀ dátà. Ọ̀kan nínú yín gba owó rẹ̀. Nínú Headline, ìlà tó máa ń wà lábẹ́ orúkọ ènìyàn, ohun tó kọ fún un nìyí:

```
Aspiring Data Analyst | Passionate Storyteller | Turning Data into Insights
```

Nínú About, níbi tí ènìyàn ti ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́, ó kọ ọ́ pé láti kékeré ni dátà ti ń wu obìnrin náà, pé kò sí ìṣòro tí kò lè yanjú, pé ó mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe dáadáa sí i ní 45%, pé ó mọ Excel, SQL, Python, Tableau àti Power BI. Iṣẹ́ tíṣà kò jẹyọ àfi nínú gbólóhùn tó kẹ́yìn, níbi tó ti sọ pé ó ní ìrírí díẹ̀ nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Ọdún mẹ́sàn-án di ìrírí díẹ̀.

Ojú ìwé yìí ló gbé e dé iwájú wa fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òun náà ló sì gbé e ṣubú. Lẹ́yìn tí a kò gbà á, ó kọ ìwé sí mi láti béèrè ibi tó ti ṣìṣe. Mo ní kí ó fi ṣíìtì tó ń lò nílé ẹ̀kọ́ hàn mí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ló bí ẹ̀sùn yìí.

Ẹ̀sùn kìíní ni pé ẹ pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, láìbéèrè ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹni tó kọ ojú ìwé yẹn bi í léèrè irú iṣẹ́ tó ń wá, ó gba owó, ó parí. Kò sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣí kọ̀ǹpútà yín kí n rí ohun tí ẹ ń ṣe." Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí ì bá rí nìyí.

Kíláàsì SS2 mẹ́ta ló wà nílé ẹ̀kọ́ náà, A, B àti C, ọmọ 122 lápapọ̀. Olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ṣíìtì tirẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì ní máàkì 40, ìdánwò ní 60, a ó wá ro méjèèjì pọ̀. Lópin sáà kìíní, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ mọ iye ọmọ tí àpapọ̀ máàkì wọn nínú ìṣirò kò tó 40. Tíṣà wa kó ṣíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan, ó sì tẹ ìlà yìí:

```
=COUNTIF(H2:H123,"<40")
```

Excel sọ pé 42 ni. Ẹlòmíràn ì bá kọ 42 sórí ìwé kó gbé e fún ọ̀gá. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ó ṣàkíyèsí pé òdo ló wà ní àpapọ̀ máàkì ọmọ mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ náà ní máàkì tẹ́ẹ̀sì. Kíláàsì C ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó lọ wá ìwé tí àwọn ọmọ ń fọwọ́ sí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kò sì rí orúkọ wọn níbẹ̀. Wọn kò ṣe ìdánwò rárá. Olùkọ́ kíláàsì A àti B máa ń kọ ABS síwájú ọmọ tí kò bá wá, ti kíláàsì C ń kọ òdo. Ó yí òdo mẹ́rin náà sí ABS. Nígbà tí COUNTIF bá ń wá nọ́ńbà tó kéré sí 40, kì í ka ọ̀rọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà èsì rẹ̀ bọ́ sí 38. Ó wá fi COUNT ka gbogbo ọmọ tó ní máàkì, ó jẹ́ 118. Èsì tó gbé fún ọ̀gá ni 38 nínú 118.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró níbí kí ẹ wò ó dáadáa. Kí ènìyàn mọ ìyàtọ̀ láàárín òdo àti àìsí, ọ̀kan nínú ohun tí a fi ń mọ ẹni tó lè túpalẹ̀ dátà ni. Bí ilé ìtajà kan bá ní oníbàárà tí kò ra nǹkan kan lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bí ó bá ní oníbàárà tí àkọsílẹ̀ ìrajà rẹ̀ sọnù, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ gbáà ni. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò gba ọ̀gá rẹ̀ nímọ̀ràn òdì. Tíṣà yìí fura sí nọ́ńbà, ó wá ẹ̀rí níta kọ̀ǹpútà, ó tún un ṣe, ó sì yí iye ọmọ tó fi pín in padà pẹ̀lú. Lára àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wá síwájú wa, àwọn tó lè sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ohun tó níye lórí jù lọ lọ́wọ́ obìnrin yìí lẹ sọ nù láìwò ó, ẹ wá fi "passionate" dí àyè rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì ló wúwo jù lójú mi. Ẹ ṣe èké pẹ̀lú nọ́ńbà, lójú ìwé ẹni tó ń wá iṣẹ́ nọ́ńbà.

Níwájú wa, ẹnìkejì mi nídìí tábìlì bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Mà, ẹ kọ ọ́ síbí pé 45%. 45% kí ni?" Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní máàkì àwọn ọmọ lọ sókè. Wọ́n tún bi í pé iye wo ni ìpíndọ́gba máàkì náà tẹ́lẹ̀, iye wo ló dà. Ó rántí iyẹn dáadáa: ó jẹ́ 47 ní sáà kìíní, ó di 51 ní sáà kẹta. Máàkì mẹ́rin ni ìyẹn. Gbogbo wa lè ṣírò rẹ̀ lórí pé mẹ́rin lórí 47 kò tó 9%. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ohun tó sọ tí a kò fi ojú ìfura wò.

Níbo wá ni 45% ti wá? Mo wá a kàn nígbà tí mo rí ṣíìtì. Ní sáà kìíní, ọmọ 38 nínú 118 ni kò gba 40. Ní sáà kẹta, ó ku 21 nínú 117. Ẹni tó kọ ojú ìwé gbọ́ iye méjèèjì lẹ́nu tíṣà, ó yọ 21 kúrò nínú 38, ó ku 17, ó fi 38 pín in, ó rí 44.7, ó sọ ọ́ di 45. Ohun tí nọ́ńbà yẹn lè sọ láìpurọ́ ni pé iye ọmọ tí kò yege dín kù ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Kò lè sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe dáadáa sí i ní 45%. Bí a bá wo àwọn tó yege, wọ́n jẹ́ nǹkan bí 68 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀, wọ́n wá di 82. Orí iṣẹ́ kan náà ni ènìyàn ti lè fa 45 yọ, tó tún lè fa 14 yọ, tó tún lè fa máàkì mẹ́rin yọ. Èyí tó tóbi jù lẹ mú, ẹ sì gé ìdí rẹ̀ kúrò kí ẹni tó ń kà á má lè mọ ohun tí wọ́n fi pín in.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹ fi pa mọ́. Ìdánwò sáà kìíní àti ti sáà kẹta kì í ṣe ìbéèrè kan náà. Ó lè jẹ́ pé ti sáà kẹta rọrùn. Tíṣà náà fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún mi láìjẹ́ pé mo bi í. Ohun tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀ ni pé òun fi máàkì tẹ́ẹ̀sì àti rẹ́jístà yọ orúkọ àwọn ọmọ tó yẹ kí wọ́n máa dúró lẹ́yìn ilé ìwé fún ẹ̀kọ́ àfikún, pé òun ń tún orúkọ náà tò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àti pé iye àwọn tí kò yege dín kù láti 38 sí 21. Bóyá ẹ̀kọ́ àfikún yẹn nìkan ló fà á, kò lè búra. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwa tó ń gbani síṣẹ́, a ó fẹ́ràn rẹ̀, nítorí iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn. Ẹ gba òtítọ́ tó lè gbè é lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fún un ní irọ́ tí kò lè gbèjà.

Ẹ̀sùn kẹta jẹ mọ́ Headline. LinkedIn fún ènìyàn ní àyè lẹ́tà 220 níbẹ̀, àlàfo àti àmì pẹ̀lú. Ìlà yìí máa ń tẹ̀ lé orúkọ ènìyàn nínú èsì ìwádìí, lábẹ́ ohun tó bá sọ sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, àti nígbà tó bá ní kí ẹnìkan gba òun lọ́rẹ̀ẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ibi wọ̀nyí, pàápàá lórí fóònù, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń hàn. Ẹ̀yin wá fi "Aspiring" ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí kò sọ ju pé ẹni náà kò tíì dé ibi tó ń lọ. Kò sẹ́ni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tó bá ń wá òṣìṣẹ́. Àwọn kan nínú yín mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá bọ́ sí ìwà tó burú ju ìyẹn lọ: wọ́n kọ "Data Analyst" lásán, wọ́n sì lọ sí Experience láti yí orúkọ ipò tíṣà padà sí ti olùtúpalẹ̀ dátà. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é yé mi. Nígbà tí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ bá fi orúkọ ipò ṣẹ́ èsì ìwádìí wọn, orúkọ ipò inú Experience ni wọ́n fi ń ṣẹ́ ẹ, Headline kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá pè láti wádìí ènìyàn yóò dáhùn pé olùkọ́ ìṣirò ni, iṣẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ yóò sì lọ.

Ibi tó tọ́ fún orúkọ ipò tí ènìyàn ń fẹ́ wà lórí LinkedIn kan náà. Nínú Open to work, a máa ń bi ènìyàn irú ipò tó ń wá. Ibẹ̀ ni kó kọ Data Analyst sí láìpurọ́. Ó lè yàn pé kí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ nìkan rí i, èyí tó dára fún tíṣà tí kò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ tètè gbọ́, bí LinkedIn fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣèlérí pé àṣírí náà kò ní tú láéláé. Ó tún lè sọ nínú About pé iṣẹ́ data analyst ni òun ń wá. Ní ti Headline, èyí tí èmi àti tíṣà jọ kọ nìyí:

```
Mathematics Teacher moving into Data Analysis | Excel, SQL | Exam scores and attendance
```

Kò tó lẹ́tà 90. Ẹni tó bá rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ti mọ ibi tí obìnrin yìí ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá rí gbogbo rẹ̀ mọ irú dátà tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. A yọ Python àti Tableau kúrò, nítorí fídíò ló wò lórí wọn, kò fi wọ́n ṣe nǹkan kan rí. Power BI náà kúrò títí yóò fi parí iṣẹ́ kan tó lè fi hàn ènìyàn. SQL dúró, nítorí nígbà tí mo gbé tábìlì méjì síwájú rẹ̀, ọ̀kan ti máàkì, ọ̀kan ti rẹ́jístà, ó lo JOIN láti so wọ́n pọ̀, ó sì lo GROUP BY láti kà wọ́n ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, láìwojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀sùn kẹrin, ẹ fi ẹnu ọ̀nà About ṣòfò. Lẹ́tà 2,600 ni àyè tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà mélòó kan ni àlejò kọ́kọ́ ń rí kí ó tó tẹ ibi tí yóò ti rí ìyókù. Àwọn ìlà wọ̀nyí gan-an lẹ fi sọ ohun tó ń wù ú láti kékeré. Kò sí ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń béèrè ìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni tíṣà fi kọ About tuntun rẹ̀, nítorí èdè iṣẹ́ tó ń wá ni. Ohun tó sọ níbẹ̀ nìyí, ní Yorùbá:

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama n'Íbàdàn, èmi ni mo sì ń kó máàkì SS2 jọ láti ṣíìtì kíláàsì mẹ́ta. Ní sáà kìíní, ọmọ 38 nínú 118 ni kò gba 40. Mo fi máàkì tẹ́ẹ̀sì àti rẹ́jístà yọ àwọn tó nílò ẹ̀kọ́ àfikún, mo sì ń tún orúkọ wọn tò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní sáà kẹta, ó ku 21 nínú 117.

"Kí n tó lè ka 38 yẹn, mo ní láti ya àwọn tí kò wá sí ìdánwò sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó gba òdo, nítorí olùkọ́ kan ń kọ òdo fún wọn. Ìwé ìfọwọ́sí gbọ̀ngàn ìdánwò ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdánwò sáà méjèèjì kò rí bákan náà, nítorí náà n kò sọ pé ẹ̀kọ́ àfikún nìkan ló fa àyípadà náà.

"Mo ń lo Excel lójoojúmọ́. Mo lè fi SQL so tábìlì pọ̀ kí n sì ṣe àkópọ̀ wọn. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń ṣàlàyé èsì fún àwọn òbí àti ọ̀gá tí kò mọ ìṣirò. Iṣẹ́ data analyst fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni mò ń wá, ní ilé iṣẹ́ tó bá ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tàbí ìlera ní pàtàkì."

Kò lo ìdajì àyè tó ní. Kò yin ara rẹ̀ níbì kankan. Kò sì sí nọ́ńbà kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè bi í tí kò ní rí èsì fọ̀. Ìpínrọ̀ kejì yẹn ni mo ń tọ́ka sí fún yín jù. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yẹn rí kò lè hùmọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin kò fi lè kọ ọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Ẹ̀sùn karùn-ún kúrú, ṣùgbọ́n òfin wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ojú ìwé àkọ́kọ́ sọ fún tíṣà pé kí ó ya àwòrán ṣíìtì máàkì rẹ̀ kí ó gbé e sí Featured, kí àwọn ènìyàn lè rí iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ wà lórí ṣíìtì náà, pẹ̀lú máàkì wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó kùnà ìṣirò kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti gbé e síta fún gbogbo ayé. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo dátà ara ẹni, ọ̀rọ̀ ọmọdé sì wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí òfin, ilé iṣẹ́ tó bá rí i pé ènìyàn ń gbé àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ síta kò ní fi àkọsílẹ̀ oníbàárà lé e lọ́wọ́. Tíṣà ti gbé e síbẹ̀; lọ́jọ́ tí mo rí i ni mo ní kí ó yọ ọ́. Ó ṣe ṣíìtì mìíràn tí orúkọ àti máàkì inú rẹ̀ jẹ́ àtọwọ́dá, ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí rẹ̀ pé àtọwọ́dá ni, ó sì fi ọ̀rọ̀ òdo àti ABS hàn níbẹ̀ ní ìpele ìpele.

Mo dá yín lẹ́bi lórí márààrún, èkejì ni n kò sì rí àwíjàre kankan fún. Bí ẹ kò bá ní wákàtí kan tí ẹ lè fi jókòó ti tíṣà kí ẹ wo ṣíìtì rẹ̀, ẹ má gba owó rẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà tí wọ́n ti bá ṣàtúnkọ ojú ìwé yín, ẹ ṣí i lálẹ́ òní. Nọ́ńbà yòówù tó bá wà níbẹ̀ tí ẹ kò lè sọ ohun tí wọ́n fi pín in, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tó sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà mẹ́ta nípa ìgbà tí máàkì kan kò bá yín lára mu, tí ẹ lọ wádìí rẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n sí ìbẹ̀rẹ̀ About yín.